Ṣé Ẹ Mọ̀? Onígbáméjì àti Ilẹ̀kùn Tí Oró Rẹ̀ Kò Lè Tì

Ìbéèrè ni mo kó wá lónìí. Ẹ máa dáhùn sínú, èmi á máa dáhùn síta. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lé: kí ló fà á tí iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀ nínú omi fi ń gba ẹni tí onígbáméjì mú là, nígbà tí omi lásán kò lè gbà á?

Ṣé ẹ mọ̀ pé omi tó ń gba inú ìfun yín kọjá lójúmọ́ ju èyí tí ẹ ń mu lọ fíìfíì?

Oúnjẹ àti omi tí àgbàlagbà ń gbé mì lóòjọ́ kì í ju nǹkan bíi lítà méjì lọ. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu, omi inú ikùn, òróòro àti omi tí ìfun fúnra rẹ̀ ń tú jáde tún ń fi nǹkan bíi lítà méje kún un. Ìfun á lo omi yìí láti fi po oúnjẹ, lẹ́yìn náà á fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń bá ìgbẹ́ jáde kì í sábà ju 200 mílílítà lọ, kò tó ife omi kan. Ìyẹn ni pé omi tó ń pa aláìsàn onígbáméjì kò ti òde wá. Omi ara rẹ̀ ni, èyí tó jáde tí kò rí ọ̀nà padà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kòkòrò onígbáméjì kì í dá ọgbẹ́ sí ìfun?

Kòkòrò náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fíbíríò kọ́lẹ́ráè, máa ń bá omi tàbí oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé. Omi kíkan inú ikùn ń pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó bá là á kọjá á lẹ̀ mọ́ ara ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa tu oró síbẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ ihò, wọn kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í sábà sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ onígbáméjì, tí ara kì í sábà gbóná, tí inú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ run aláìsàn. Ìgbẹ́ náà á kàn máa ṣàn, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ẹni tó bá ń retí kí ibà kọ́kọ́ dé kó tó gbà pé ọ̀ràn ti le, ìrètí rẹ̀ lè pa á. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn mìíràn, ẹ lọ rí oníṣègùn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyọ oró náà kan ní apá mẹ́fà, tí márùn-ún ń di ara ìfun mú kí ìkẹfà lè ráyè wọlé?

Apá kẹfà yìí ló ń ṣe ọṣẹ́. Ara wa ní àṣẹ kan tó fi ń sọ fún ìfun pé kó tú omi jáde. Nígbà tí ara bá ti rí i pé omi tó, á pa àṣẹ náà. Oró onígbáméjì kì í jẹ́ kó ṣeé pa mọ́. Ilẹ̀kùn tí kílóráìdì ń gbà jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kílóráìdì àti sódíọ̀mù ló para pọ̀ di iyọ̀ tí a ń sè. Bí kílóráìdì bá jáde, sódíọ̀mù á tẹ̀lé e, omi á sì wọ́ tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Ẹ fi gbólóhùn kan yìí sọ́kàn, torí gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé e: ọ̀nà tí iyọ̀ bá gbà ni omi ń gbà.

Oró náà kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún ń ti ilẹ̀kùn tí iyọ̀ máa ń gbà wọlé padà. Omi ń jáde, kò sì lè wọlé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé onígbáméjì tó le lè gba lítà omi kan lára àgbàlagbà láàárín wákàtí kan?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá olójà kan tó wọn 60 kílò. Kò sí ẹni pàtó tí mo ń sọ, àpẹẹrẹ lásán ni. Ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tí yóò bá fi pàdánù lítà mẹ́ta, ìyẹn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́ gan-an, ojú rẹ̀ á ti jìn. Bó bá fi máa pàdánù lítà mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tó kù kò ní tó fún ọkàn láti tì kiri, kíndìnrín á dáwọ́ ìtọ̀ dúró. Bí ìgbẹ́ náà bá ń ṣàn ní lítà kan ní wákàtí kan, aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn. Ẹni tó sùn lálàáfíà lè ti máa jà fún ẹ̀mí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ àti ojú lásán ti tó láti mọ bí omi ara ṣe gbẹ tó?

Àmì mẹ́rin ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wò. Àkọ́kọ́ ni ìṣesí: ṣé ara aláìsàn balẹ̀, àbí ara rẹ̀ ò lélẹ̀ tó ń kanra, àbí ó ti ń ṣe bí ẹni tó ń sùn lọ? Èkejì ni ojú: ṣé ó ti kó wọnú? Ẹ̀kẹta ni òùngbẹ: ṣé ó ń já ife gbà lọ́wọ́ yín, àbí kò tilẹ̀ lágbára láti mu mọ́? Ẹ̀kẹrin ni awọ ikùn. Ẹ fi ìka méjì fún un, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Awọ tí omi wà nínú rẹ̀ á padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá padà díẹ̀díẹ̀, omi ti ń gbẹ. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó padà, ọ̀ràn ti burú.

Àmì awọ yìí ní àléébù. Awọ arúgbó àti ti ọmọ tó rù kan egungun kì í yára padà kódà bí ara wọ́n bá yá, ọ̀rá ara ọmọ tó sanra sì lè bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ tún fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti rì wọnú, omi ti gbẹ lára rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọdún 1832 ni wọ́n ti ń fa omi oníyọ̀ sí iṣan aláìsàn onígbáméjì?

Dókítà Thomas Latta ló ṣe é ní ìlú Leith ní Skọ́tíláǹdì. William O'Shaughnessy ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò ṣáájú rẹ̀, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ ti dín nínú rẹ̀. Latta fa omi oníyọ̀ sí iṣan ìyá arúgbó kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ìyá náà sì sọjí. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kò dúró, wọn kò sì bá a fa omi náà lọ, ló bá kú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣì gbéṣẹ́ lónìí: bí omi bá ṣì ń jáde, a ò gbọdọ̀ dáwọ́ ìdápadà rẹ̀ dúró.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́, rọ́bà àti omi tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni fífa omi sára ń gbà, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ibi tí onígbáméjì ti ń jà jù kì í sábà ní in tó. Kí ló dé tí wọn kò kàn fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ mu? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, omi náà kàn ń bá ìgbẹ́ jáde ni. Ilẹ̀kùn iyọ̀ ti tì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn mìíràn wà nínú ìfun tí oró onígbáméjì kò lè fọwọ́ kàn?

Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdáhùn náà jáde ní ọdún 1960. Ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Prágù, Robert Crane ṣàlàyé bí ìfun ṣe ń fa ṣúgà. Gúlúkóòsì, ìyẹn irú ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, kì í dá wọ ilẹ̀kùn yìí. Sódíọ̀mù ló ń bá a wọlé. A ti wá mọ̀ báyìí pé sódíọ̀mù méjì ló ń mú gúlúkóòsì kan dání. Bí sódíọ̀mù nìkan bá dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn kò ní gbà á. Bí gúlúkóòsì nìkan bá dé, bákan náà ni. Àfi kí wọ́n dé pọ̀.

Oró onígbáméjì ń ṣí ilẹ̀kùn kílóráìdì, ó ń ti ilẹ̀kùn iyọ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí ilẹ̀kùn yìí. Bí iyọ̀ àti ṣúgà bá gba ibẹ̀ wọlé, omi á tẹ̀lé wọn, torí ọ̀nà tí iyọ̀ bá gbà ni omi ń gbà. Gbogbo àṣírí omi oníyọ̀ àti ṣúgà nìyẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe fún adùn, kì í sì í ṣe láti fún aláìsàn lókun. Òun ló ń mú iyọ̀ wọlé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì tó ní ihò láàárín ló ran ẹ̀rí náà lọ́wọ́?

Ní ọdún 1968, ní ìlú Dáká tó jẹ́ olú ìlú Báńgíládéṣì lónìí, àwọn dókítà ọ̀dọ́ méjì tó ń jẹ́ David Nalin àti Richard Cash dán an wò lára aláìsàn 29. Bẹ́ẹ̀dì onígbáméjì máa ń ní ihò ní ìsàlẹ̀ ìdí aláìsàn, korobá á sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè wọn gbogbo ohun tó jáde. Wọ́n kọ́kọ́ fa omi sára àwọn aláìsàn náà títí ẹ̀jẹ̀ wọn fi padà sípò. Lẹ́yìn náà, iye tí korobá bá fi hàn ni wọ́n ń dá padà láti ẹnu, omi oníyọ̀ àti gúlúkóòsì. Omi tí àwọn wọ̀nyí nílò láti inú iṣan fi nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín sí tàwọn tí a fa omi sí lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àwọn tó gbìyànjú ṣáájú wọn máa ń fúnni ní ìwọ̀nba tí wọ́n rò pé ó tó. Nalin àti Cash fi ohun tó wọlé ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tó jáde, wákàtí sí wákàtí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àgọ́ àwọn ogunléndé ni omi yìí ti kọ́kọ́ jagun ńlá rẹ̀?

Ní ọdún 1971, ogun òmìnira Báńgíládéṣì lé àìmọye ènìyàn wọ Íńdíà. Onígbáméjì bá wọn débẹ̀. Dókítà Dilip Mahalanabis ti Kọlikátà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Bongaon lẹ́bàá ibodè. Àwọn aláìsàn kún ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára sì ń tán lọ. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì: 22 gíráàmù gúlúkóòsì, 3.5 gíráàmù iyọ̀ àti 2.5 gíráàmù sódíọ̀mù báíkábónéètì nínú lítà omi kan. Kọlikátà ni wọ́n ti ń wọn èlò náà sínú ọ̀rá. Ní Bongaon, wọ́n á pò ó sínú àgbá tó ní ẹ̀rọ omi, àwọn ìyá, ọkọ àti ẹ̀gbọ́n aláìsàn á fi ife gbọ́n ọn, wọ́n á sì máa fún èèyàn wọn mu.

Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí ọgbọ̀n ló ti ń kú tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ ìtọ́jú tuntun yìí, kò tó mẹ́rin. Ẹ wo àwọn tó fún wọn mu: ìbátan aláìsàn ni, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀rá kékeré tí a kọ ORS sí?

Láti ọdún 2002, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún lítà kan ni 13.5 gíráàmù gúlúkóòsì, 2.6 gíráàmù iyọ̀, 1.5 gíráàmù potásíọ̀mù kílóráìdì àti 2.9 gíráàmù sítíréètì. Gúlúkóòsì àti iyọ̀ la ti sọ̀rọ̀ wọn. Potásíọ̀mù ń dípò èyí tí ìgbẹ́ gbé lọ, torí bó bá dín nínú ara, iṣan á di aláìlágbára, ìlùkìkì ọkàn á sì dàrú. Sítíréètì ń bá ẹ̀jẹ̀ tó ti ń kan nítorí ìgbẹ́ gbuuru padà sípò. Iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú ti àtijọ́ pọ̀ ju èyí lọ. Wọ́n dín in kù torí wọ́n rí i pé ìgbẹ́ àti èébì àwọn ọmọdé ń dín kù bí omi náà kò bá ki jù.

Ẹ ka ara ọ̀rá náà kí ẹ tó tú u. Àwọn kan wà fún lítà kan, àwọn mìíràn wà fún 200 mílílítà. Bí ó bá jẹ́ ti lítà kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ló bá a mu. Ẹ má dá a sí méjì láti fi ṣe ìdajì, torí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í pín dọ́gba. Ẹ má sè é lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó. Èyí tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣúgà ilé ìdáná ń di méjì nínú ìfun?

Ìdajì rẹ̀ ni gúlúkóòsì, ìdajì kejì jẹ́ irú ṣúgà mìíràn tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá sí ọ̀rá ORS nítòsí, ṣúgà tí a ó lò á tó ìlọ́po méjì gúlúkóòsì inú ọ̀rá. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí náà kún pẹrẹsẹ ni o, kó má ṣe òkìtì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ẹ rò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún aláìsàn. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù.

Omi ilé yìí kò ní potásíọ̀mù, kò ní sítíréètì. Ó dára láti fi dúró de ọ̀rá, kò dára láti fi rọ́pò rẹ̀ bí ọ̀rá bá wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí omi àgbọn lè dí díẹ̀ nínú àlàfo potásíọ̀mù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣúgà tó pọ̀ jù lè mú kí ìgbẹ́ le sí i?

Nígbà tí ṣúgà inú ìfun bá ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ, omi á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a. Ìdí nìyí tí a kì í fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tọ́jú onígbáméjì: ṣúgà rẹ̀ pọ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Iyọ̀ tó pọ̀ jù tún burú ju ìyẹn lọ. Á gun ẹ̀jẹ̀, á fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ọmọdé á sì bẹ̀rẹ̀ gìrì. Omi lásán náà ní ewu tirẹ̀. Kò ní iyọ̀ tó máa mú un wọlé, èyí tó bá sì wọlé á tún la iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ẹ mọ iye tí ìyá olójà wa gbọ́dọ̀ mu?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, ojú rẹ̀ ti jìn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè mu nǹkan. Ìṣirò rẹ̀ ni mílílítà 75 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹ fi 60 sọ 75 di púpọ̀, ó di 4,500 mílílítà. Lítà mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn, omi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń fún aláìsàn ní ife kan, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. Ife kan kò lè gba ẹni tó ti pàdánù lítà mẹ́ta là. Ẹ máa fún un bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró di ìgbà tó bá parí.

Ní ti ọmọ tó wọn 12 kílò, 900 mílílítà ni ní wákàtí mẹ́rin. Ó lè dà bíi pé ó pọ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ṣíbí tíì kan jẹ́ mílílítà 5. Bí ìyá bá ń fún un ní ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, 300 mílílítà á ti wọlé láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ 225 péré ni wákàtí kan ń béèrè.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin yẹn, gbogbo ìgbẹ́ tó bá tún ṣe ní iye tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu 50 sí 100 mílílítà. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án á mu 100 sí 200. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ á mu bó bá ṣe fẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èébì kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró?

Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ rọra: ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ìwọ̀nba díẹ̀ níye ìgbà máa ń dúró nínú ju ife tí a gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ dá ọmú dúró. Ẹni tó bá lè jẹun, kó jẹun. Ẹ̀kọ mímu náà dára fún un, torí sítáàṣì inú rẹ̀ ń di gúlúkóòsì díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun.

Ṣé ẹ mọ̀ pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà kì í dá ìgbẹ́ dúró?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á fún aláìsàn mu fún wákàtí méjì, wọ́n á rí i pé ìgbẹ́ ṣì ń ṣàn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn tí oró ṣí ṣì wà ní ṣíṣí, ORS kò sì ní agbára láti tì í. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá omi padà láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má wo ìdí aláìsàn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ojú àti ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ìtọ̀ bá padà, tí ọmọ bá sunkún tí omijé sì jáde, omi ti ń wọlé.

Ta ni yóò wá ti ilẹ̀kùn náà? Ìfun fúnra rẹ̀ ni. Awọ inú ìfun máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí oró ti bà jẹ́ á ṣí kúrò, tuntun á rọ́pò wọn, ìgbẹ́ á sì lọ. Kí aláìsàn ṣáà wà láàyè dìgbà náà ni iṣẹ́ wa.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Fílájìlì kì í pa kòkòrò onígbáméjì?

Irú kòkòrò mìíràn ni oògùn yẹn wà fún. Dókítà lè fún ẹni tí àìsàn náà le lára ní dọkisisáíkílíìnì, èyí tó ń gé ọjọ́ ìgbẹ́ kúrú, ṣùgbọ́n oògùn kan kò lè rọ́pò omi. Oògùn tó ń dí ìgbẹ́ mọ́nú, ẹ má fún un rárá. Fún ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ẹ fi síǹkì 20 mílígíráàmù kún ORS lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù mẹ́wàá ni tirẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé kòkòrò náà mì kì í mọ̀ rárá?

Ara wọn á le koko, ṣùgbọ́n kòkòrò lè máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ kan sí mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí kí á ya aláìsàn sọ́tọ̀ nìkan kò fi lè dáàbò bo kànga wa. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà ó kéré tán. Kí a se omi mímu títí yóò fi hó. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kan ìgbẹ́ aláìsàn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ṣíbí.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí omi yìí kò lè gbà?

Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹni tó ti ń sùn lọ tí kò ṣeé jí, ẹni tí a kò gbọ́ ìlù iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ má da omi sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Omi tí a ń fà sí iṣan ló kù, ní kíákíá: 100 mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta fún ẹni tó ti ju ọdún kan lọ. Lítà mẹ́fà nìyẹn fún ìyá olójà wa. Ilé ìwòsàn nìkan ló lè ṣe é.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí èmi kò lè bá yín dáhùn: ṣíbí ilé yín, mílílítà mélòó ló ń gbà? Ṣíbí kò rí bákan náà láti ilé dé ilé, bẹ́ẹ̀ ìdajì ṣíbí iyọ̀ kò fàyè gba àsọdùn. Mo kó ìdérí oògùn tí wọ́n fàlà mílílítà 5 sí lára dání. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ṣíbí tí wọn yóò lò wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó wọn omi sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣe déédéé, a ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè mọ̀ ọ́n bí ọ̀ràn bá dé lóru.